Bí a ṣe ń ṣírò ọjọ́ orí dé ọdún, oṣù àti ọjọ́, títí kan ti ọmọ tí wọ́n bí ní 29 oṣù kejì

Fọ́ọ̀mù tó bá béèrè ọdún nìkan kì í fa wàhálà. Ẹ yọ ọdún ìbí kúrò nínú ọdún tí a wà, ẹ wò ó bóyá ọjọ́ ìbí ti kọjá lọ́dún yìí tàbí kò tíì kọjá, ó parí. Èyí tó máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni fọ́ọ̀mù tó ní àpótí mẹ́ta: ọdún, oṣù, ọjọ́. Níbi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn kún fọ́ọ̀mù ní Yábà, àpótí kẹta yẹn ni mo ti ń rí àṣìṣe jù. Ọdún á bára mu, oṣù á bára mu, ọjọ́ á wá fi méjì tàbí mẹ́ta yàtọ̀. Ẹni tó ṣe ìṣirò náà kì í fura, torí pé ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé-ìwé ló ṣe: ó to déètì méjèèjì léra, ọjọ́ òkè kò tó ọjọ́ ìsàlẹ̀, ó bá yá ọgbọ̀n ọjọ́ lọ́wọ́ oṣù.

Oṣù mẹ́rin péré ló ní ọgbọ̀n ọjọ́ nínú ọdún: oṣù kẹrin, ìkẹfà, ìkẹsàn-án àti ìkọkànlá. Méje ní 31. Oṣù kejì ní 28, ó sì ní 29 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń yá ọgbọ̀n nígbà gbogbo ń yá ohun tí oṣù náà kò ní lọ́wọ́. Ọ̀nà tí kò ní já yín kulẹ̀ ni kí ẹ má yá nǹkan kan rárá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí, kí ẹ máa kà bọ̀ síwájú.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò

Ẹ kọ déètì méjì sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ ìbí bó ṣe wà lórí ìwé ẹ̀rí ìbí, kì í ṣe bí ẹnikẹ́ni ṣe rántí rẹ̀. Ìkejì ni ọjọ́ ìṣirò, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kí ẹ ka ọjọ́ orí náà dé. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù kò béèrè ọjọ́ orí tòní. Wọ́n á kọ ọ́ wẹ́wẹ́ sábẹ́ àpótí pé ọjọ́ orí ọmọ títí di 30 oṣù kẹsàn-án ni àwọn fẹ́. Ẹ wá gbólóhùn yẹn kàn kó tó di pé ẹ mú bírò.

Ẹ ṣọ́ra fún déètì tí wọ́n fi nọ́ńbà nìkan kọ. Lọ́dọ̀ wa níbí, 05/03/2025 ni ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò sí ìlànà Amẹ́ríkà á kà á sí ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún, kò sì ní sọ fún yín. Tí nọ́ńbà ọjọ́ bá ju 12 lọ, àṣìṣe náà á tú ara rẹ̀ fó, torí kò sí oṣù kẹtàlá. Tí kò bá ju 12 lọ, kò sóhun tó máa kìlọ̀ fún yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ orúkọ oṣù ní lẹ́tà lórí bébà tí mo fi ń ṣírò.

Tí déètì náà bá jẹ́ 29 oṣù kejì, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọjọ́ náà tiẹ̀ wà. Ẹ fi 4 pín ọdún náà. Tó bá pín láìṣẹ́kù, ọdún tó ní ọjọ́ 366 ni, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí lípù-yíà. Ọdún tó parí ọgọ́rùn-ún nìkan ni òfin rẹ̀ yàtọ̀: 400 ló gbọdọ̀ pín in. 2000 jẹ́ lípù-yíà, 1900 kò jẹ́ bẹ́ẹ̀, 2100 náà kò ní jẹ́ bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tó bá wà láyé lónìí, ìbéèrè 4 yẹn ti tó. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé kí àgbàlagbà mú ìwé ìbúra ọjọ́ orí wá láti kóòtù, kí wọ́n kọ 29 oṣù kejì 1966 sí i. Tí ẹ bá fi 4 pín 1966, ó ṣẹ́ku 2. Kò sí ọjọ́ yẹn lórí kàlẹ́ńdà. Ẹ má ṣírò ohunkóhun lórí rẹ̀, ẹ má sì bá wọn fi 28 dípò rẹ̀. Ẹ dá ìwé náà padà kí wọ́n lọ tún un ṣe, torí bó bá wọ inú àkọsílẹ̀ míì pẹ̀lú déètì tí ẹ fi orí ara yín yàn, ìwé méjì á máa tako ara wọn lórí ẹnì kan ṣoṣo.

Ohun kan ṣì kù. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ kò sí nínú iye. Èyí máa ń ṣòro fún wa díẹ̀ torí bí a ṣe ń ka ọjọ́ nílé. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n á kó o jáde, a ó sì sọ pé ó pé ọjọ́ kẹjọ. Òótọ́ ni, torí pé a ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n iye ọjọ́ tó ti kọjá lórí ọmọ ni fọ́ọ̀mù ń béèrè, ìyẹn sì jẹ́ méje láàárọ̀ ọjọ́ ìkómọ náà. Nínú gbogbo ìṣirò tó wà nísàlẹ̀ yìí, ọjọ́ ìbí ni òdo, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ọ̀kan.

Ìṣirò náà gan-an

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kan tí wọ́n bí ní 20 oṣù kẹwàá 2010. Fọ́ọ̀mù ń fẹ́ ọjọ́ orí rẹ̀ títí di 5 oṣù kẹta 2025.

Ìgbésẹ̀ kìíní ni ọdún. Ẹ wá ọjọ́ ìbí tó ṣe kẹ́yìn kí ọjọ́ ìṣirò tó dé. 20 oṣù kẹwàá 2024 ni, torí ti 2025 kò tíì dé. Tí ẹ bá yọ 2010 kúrò nínú 2024, ó ku 14. Ọdún mẹ́rìnlá nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì ni oṣù. Ẹ gbéra láti 20 oṣù kẹwàá 2024, kí ẹ máa fò láti ogúnjọ́ bọ́ sí ogúnjọ́. 20 oṣù kọkànlá, oṣù kan. 20 oṣù kejìlá, oṣù méjì. 20 oṣù kìíní 2025, oṣù mẹ́ta. 20 oṣù kejì, oṣù mẹ́rin. Tí ẹ bá tún fò, ẹ ó bọ́ sí 20 oṣù kẹta, ìyẹn sì ti ré kọjá 5 oṣù kẹta. Ẹ dúró sí mẹ́rin.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni ọjọ́. Láti 20 oṣù kejì 2025 dé ìparí oṣù náà jẹ́ ọjọ́ 8, torí pé oṣù kejì 2025 parí sí 28. Ẹ fi ọjọ́ 5 ti oṣù kẹta kún un, ó di 13.

Ọmọ náà jẹ́ ọdún 14, oṣù 4 àti ọjọ́ 13. Ẹni tó yá ọgbọ̀n ọjọ́ á rí 15. Ẹni tó yá 31 nítorí pé oṣù kẹta ní 31 á rí 16. Àwọn méjèèjì á sì búra pé ìṣirò àwọn pé.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn yíyá ṣì lè máa yá, ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹni tí ẹ ń yá lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù tó ṣáájú oṣù ọjọ́ ìṣirò ni. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọjọ́ ìṣirò wà ní oṣù kẹta, nítorí náà oṣù kejì lẹ ó yá, iye ọjọ́ tó sì ní lọ́dún náà gan-an lẹ ó mú: 5 pẹ̀lú 28 jẹ́ 33, yọ 20, ó ku 13. Tó bá jẹ́ 5 oṣù kẹta 2024 ni, 29 lẹ ó yá, ọjọ́ á sì di 14.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ mú èsì yín padà sórí ọjọ́ ìbí. 20 oṣù kẹwàá 2010, fi ọdún 14 kún un, ó di 20 oṣù kẹwàá 2024. Fi oṣù 4 kún un, ó di 20 oṣù kejì 2025. Fi ọjọ́ 13 kún un: ọjọ́ 8 gbé e dé 28 oṣù kejì, 5 tó kù gbé e dé 5 oṣù kẹta. Tí ẹ kò bá balẹ̀ sórí ọjọ́ ìṣirò gan-an, àṣìṣe wà níbì kan. Ẹ fi ọdún ṣáájú, kí oṣù tẹ̀ lé e, kí ọjọ́ kẹ́yìn. Tí ẹ bá yí ètò yìí padà, èsì lè yí padà pẹ̀lú.

Ẹni tí wọ́n bí ní ìparí oṣù

Títí dé 28, gbogbo oṣù ló ní ọjọ́ tí à ń wá, nítorí náà fífò láti oṣù sí oṣù kò ní ìdíwọ́. Ọ̀rọ̀ di méjì fún ẹni tí wọ́n bí ní 29, 30 tàbí 31.

Ẹ wo ọmọ tí wọ́n bí ní 31 oṣù kẹjọ 2015, tí ilé-ìwé fẹ́ mọ ọjọ́ orí rẹ̀ títí di 30 oṣù kẹsàn-án 2025. Ó pé ọdún mẹ́wàá ní 31 oṣù kẹjọ 2025. Ṣé oṣù kan ti kọjá lórí rẹ̀ ní 30 oṣù kẹsàn-án? Oṣù kẹsàn-án kò ní 31. Ìlànà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ sọ pé tí oṣù kò bá ní ọjọ́ tí à ń wá, ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù náà ló gba ipò rẹ̀. Mo ń pè é ní ìlànà ìparí oṣù. Lójú ìlànà yìí, ọmọ náà jẹ́ ọdún 10, oṣù 1 àti ọjọ́ 0. Ìkejì sọ pé ọjọ́ kan kò lè pé kó tó dé, nítorí náà ọjọ́ kìíní oṣù tó tẹ̀ lé e ni ká mú. Ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní ìlànà ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Lójú tirẹ̀, ọmọ náà ṣì jẹ́ ọdún 10, oṣù 0 àti ọjọ́ 30.

Kò sí èyí tó ṣì ìṣirò nínú méjèèjì. Ohun tó burú ni kí ẹ lo ọ̀kan fún ọmọ tàárọ̀, kí ẹ lo èkejì fún ọmọ ìrọ̀lẹ́ lórí ìwé orúkọ kan náà. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sí òkè ìwé náà.

Ìlànà yòówù kí ẹ yàn, ẹ máa ka oṣù láti orí ọjọ́ ìbí àtilẹ̀wá nígbà gbogbo, ẹ má kà á láti orí ọjọ́ tí ẹ fi dípò. Ẹni tí wọ́n bí ní 31 oṣù kìíní pé oṣù kan ní 28 oṣù kejì lójú ìlànà ìparí oṣù. Tí ẹ bá wá ti orí 28 yẹn fò, ẹ ó sọ pé ó pé oṣù méjì ní 28 oṣù kẹta, nígbà tí oṣù kẹta ní 31 tirẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ti sọnù, kò sì ní padà wá mọ́, torí láti ìgbà náà lọ, 28 lẹ ó máa bá kiri. Mo ti rí èyí nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kan níbi tí wọ́n ti ń fi oṣù kọ̀ọ̀kan kún ti èyí tó ṣáájú. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí ní ìparí oṣù ló di ọmọ ọjọ́ 28 lẹ́yìn oṣù kejì ọdún.

Ọmọ tí wọ́n bí ní 29 oṣù kejì

Ìyá kan tó ń ta lẹ́ẹ̀sì ní Balógun ló bi mí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ kí a bi í. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, 29 oṣù kejì 2008 ni wọ́n bí i.

"Bọ̀ọ̀dá, 2026 ló máa pé méjìdínlógún, 2026 ò sì ní 29. Ọjọ́ wo gan-an ló pé?"

"Mà, kí lẹ fẹ́ fi déètì náà ṣe?"

"Káàdì ìdìbò. Mi ò fẹ́ kí wọ́n dá a padà."

Ìbéèrè tí mo bi wọ́n yẹn ló yẹ kó ṣáájú, màá sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ọdún tí ìṣòro yìí máa ń bọ́ sí. Gbogbo lípù-yíà ni 4 ń pín, nítorí náà ọjọ́ orí tí 4 bá pín, 16, 20, 40, 60, máa ń bọ́ sórí 29 oṣù kejì tòótọ́, kò sì sí àríyànjiyàn. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n bí ní 29 oṣù kejì 1968 á pé ọgọ́ta ní 29 oṣù kejì 2028, ọjọ́ náà wà lórí kàlẹ́ńdà. Ṣùgbọ́n 4 kò pín 18, kò pín 25, kò pín 35. Ẹ sì wo bí òfin Nàìjíríà ṣe tò ó: 18 ni ọjọ́ orí ìdìbò, 25 ni ti ẹni tó fẹ́ dupò ilé aṣòfin kékeré l'Ábùjá, 35 ni ti ẹni tó fẹ́ dupò ààrẹ. Ọmọ 29 oṣù kejì kò lè bá ọjọ́ ìbí rẹ̀ pàdé ní ìkankan nínú wọn. Kì í ṣe àgbákò fún ọmọ ìyá oníléẹ̀sì nìkan, bí ìṣirò náà ṣe rí nìyẹn fún gbogbo wọn.

Ó wá ku 28 oṣù kejì tàbí 1 oṣù kẹta. Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé tí a bá ka ọjọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, òótọ́ á jáde. Ẹ jẹ́ ká kà á. Láti 29 oṣù kejì 2008 dé 29 oṣù kejì 2024 jẹ́ ọdún 16 tó ní lípù-yíà mẹ́rin nínú: 16 lọ́nà 365 jẹ́ 5,840, fi 4 kún un, ó di 5,844. Láti ibẹ̀ dé 28 oṣù kejì 2026 jẹ́ ọjọ́ 730. Àpapọ̀ jẹ́ 6,574. Tí a bá sún un dé 1 oṣù kẹta 2026, ó di 6,575.

Ẹ wá fi àwọn ọmọ méjì tó yí i ká wé e. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ tó ṣáájú, 28 oṣù kejì 2008, á pé 18 ní 28 oṣù kejì 2026 lẹ́yìn ọjọ́ 6,575, torí pé 29 oṣù kejì 2008 wà nínú tirẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní 1 oṣù kẹta 2008 á pé 18 ní 1 oṣù kẹta 2026 lẹ́yìn ọjọ́ 6,574 péré. Tí ọmọ wa bá mú 28, iye ọjọ́ tó lò láyé bá ti ọ̀kan mu. Tó bá mú 1 oṣù kẹta, ó bá ti èkejì mu. Kíka ọjọ́ kò lè parí ọ̀rọ̀ náà, torí àwọn tí kò sí iyè méjì lórí ọjọ́ ìbí wọn gan-an kì í lo iye ọjọ́ kan náà kí wọ́n tó pé 18.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òfin ló máa ń yàn án, tí àwọn ìlú sì ń yàn án lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní Họ́ńgì Kọ́ńgì, òfin kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní ọdún tí kò bá ní 29, 1 oṣù kẹta ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ọjọ́ orí tó ń wá. Ní Táíwáànì, òfin wọn sọ pé tí oṣù tí àkókò kan máa parí sí kò bá ní ọjọ́ tí à ń wá, ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù náà ló parí sí. Nítorí náà 28 ni tiwọn. Ìlànà ìbẹ̀rẹ̀ oṣù àti ìlànà ìparí oṣù tí a ti sọ lókè náà nìyẹn.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Tí ọ́fíìsì tó ni fọ́ọ̀mù bá ti kọ ìlànà tirẹ̀ sílẹ̀, tirẹ̀ ni mo ń tẹ̀ lé. Tí kò bá kọ ọ́, mo máa ń mú ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè jà sí lójú ìlànà méjèèjì. Tó bá jẹ́ pé èèyàn gbọdọ̀ ti pé ọjọ́ orí kan kó tó ṣe nǹkan, bíi ìdìbò, 1 oṣù kẹta ni. Kò sẹ́ni tó lè sọ lọ́jọ́ yẹn pé ọmọ náà kò tíì pé 18. Tó bá jẹ́ pé èèyàn kò gbọdọ̀ tíì pé ọjọ́ orí kan, bíi ìdíje tí wọn kò fẹ́ ẹni tó ti pé 18, 28 oṣù kejì ni mo ń kà sí ọjọ́ tó pé, torí lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀ nìkan ni gbogbo èèyàn gbà pé kò tíì pé. Ohun tí mo sọ fún ìyá náà nìyẹn: kí wọ́n dúró di 1 oṣù kẹta fún káàdì. Fún ti ayẹyẹ, mo sọ pé 28 dára, kí ọmọ náà má bàa kúrò nínú oṣù tí wọ́n bí i. Wọ́n ní ọjọ́ Sátidé ni àwọn máa ń se ìrẹsì lọ́nàkọnà, mo sì rí i pé 28 oṣù kejì 2026 bọ́ sí Sátidé.

Lórí fọ́ọ̀mù tó ní àpótí mẹ́ta, ọjọ́ orí ọmọ náà máa rí báyìí. Ní 28 oṣù kejì 2026, ìlànà ìparí oṣù fún un ní ọdún 18, oṣù 0, ọjọ́ 0. Ìlànà ìbẹ̀rẹ̀ oṣù fún un ní ọdún 17, oṣù 11, ọjọ́ 30. Oṣù 11 yẹn pé ní 29 oṣù kìíní 2026, láti ibẹ̀ dé 28 oṣù kejì sì jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́. Ní 1 oṣù kẹta, ti àkọ́kọ́ di ọdún 18 àti ọjọ́ 1, ti èkejì di ọdún 18 géérégé. Ní 28 oṣù kẹta, wọ́n ṣì fi ọjọ́ kan ju ara wọn lọ: 28 àti 27. Ní 29 oṣù kẹta, ìlànà méjèèjì pàdé: ọdún 18, oṣù 1, ọjọ́ 0, torí oṣù kẹta ní 29 tirẹ̀. Tí tiyín kò bá pàdé lọ́jọ́ yẹn, ẹ ti ń ka oṣù láti orí ọjọ́ tí ẹ fi dípò.

Ohun kan tí mo ń bẹ àwọn òbí ni kí wọ́n má kọ 28 oṣù kejì tàbí 1 oṣù kẹta sínú àpótí ọjọ́ ìbí nítorí pé ẹ̀rọ kò gba 29. Tí ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì kò bá gba 29 oṣù kejì, ẹ wò ó bóyá ọdún lẹ kò tíì yàn. Àwọn mìíràn máa ń fi ọdún tí a wà síbẹ̀ títí ẹ ó fi yí i padà, tí ọdún náà kò bá sì ní 29, kò ní jẹ́ kí ẹ yan ọjọ́. Ẹ yan ọdún ìbí ná, lẹ́yìn náà oṣù, kí ọjọ́ kẹ́yìn.

Tó bá jẹ́ orúkọ púpọ̀ ni

Fún ìwé orúkọ kíláàsì kan, inú Excel ni mo ń ṣe é. Ọjọ́ ìbí wà ní A2, ọjọ́ ìṣirò wà ní B2. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ DATEDIF, wọ́n sì ń fi "MD" gba ọjọ́ tó ṣẹ́kù. Ẹ má lò ó. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe Excel fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ pé ó lè mú èsì tí kò tọ́ jáde. Ẹ fi 31/01/2023 sí A2, 01/03/2023 sí B2, ó lè fún yín ní ọjọ́ tó kéré sí òdo: 1 pẹ̀lú 28, yọ 31.

Fún ìlànà ìparí oṣù, ẹ kọ èyí sí C2 láti gba gbogbo oṣù tó ti pé:

```
=DATEDIF(A2,B2,"M")+(EDATE(A2,DATEDIF(A2,B2,"M")+1)<=B2)
```

Lẹ́yìn náà, ọdún, oṣù àti ọjọ́ nínú àpótí mẹ́ta tó tẹ̀ lé e:

```
=INT(C2/12)
=MOD(C2,12)
=B2-EDATE(A2,C2)
```

Fún ìlànà ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ti ọdún àti ti oṣù kò yí padà, C2 àti ti ọjọ́ ló di èyí:

```
=DATEDIF(A2,B2,"M")
=B2-EDATE(A2,C2)-(DAY(EDATE(A2,C2))<DAY(A2))
```

EDATE máa ń padà sí ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù tí kò bá rí ọjọ́ tó ń wá, apá tó gbẹ̀yìn yẹn ló sì ń sún un síwájú ní ọjọ́ kan. Tí àpótí ọjọ́ bá gbé déètì ọdún 1900 jáde dípò nọ́ńbà, ìṣirò náà kò bàjẹ́, ẹ kàn yí irú àpótí náà sí nọ́ńbà. Déètì tí kò sí, bíi 29/02/1966, á dúró sí apá òsì àpótí rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán, nígbà tí déètì tòótọ́ á sún sí apá ọ̀tún.

Kí ẹ tó fa ìṣirò náà wá sísàlẹ̀ fún gbogbo orúkọ, ẹ fi 29/02/2008 dán an wò pẹ̀lú 28/02/2026 àti 01/03/2026. Tó bá jẹ́ 18, 0, 0 tẹ̀ lé 18, 0, 1, ìlànà ìparí oṣù lẹ wà. Tó bá jẹ́ 17, 11, 30 tẹ̀ lé 18, 0, 0, ìlànà ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni. Tó bá jẹ́ 17, 11, 30 ló fò lọ sí 18, 0, 1 láìbá òdo pàdé, C2 ti ìlànà kan lẹ fi pẹ̀lú ọjọ́ ti èkejì.